Ọbẹ̀ Tó Ń Hó Láìsí Iná

Ìbéèrè kan ti ń rìn lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí, wọn ò sì bi mí bí ẹni tó ń wá ìdáhùn. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, ṣé kòkòrò kan wà tó lè yè nínú omi híhó ni? Bí kò bá sí, báwo ni ọbẹ̀ tó hó dáadáa lójú mi ṣe lè mú ènìyàn bì?”

Ọbẹ̀ tí kò wọ fíríìjì, tí à ń gbé kaná láàárọ̀, tí à ń gbé kaná lálẹ́ kó má bàa kan, kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń dáná, nítorí náà n ò ní dúró lórí ìyẹn. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé ìbéèrè náà ni pé ọgbọ́n yìí máa ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́la, tó bá wá di ọjọ́ kan, yóò kàn kọ̀. Iná ò yàtọ̀, ìkòkò ò yàtọ̀, ẹni tó ń dáná ò yàtọ̀. Bó bá jẹ́ iná ló ń pa ọbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yìí wá, kí ló dé tí iná kan náà ò ṣe é mọ́?

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin

Ìkòkò tó gba nǹkan bíi lítà 5 ni. Ẹran pọ̀ nínú rẹ̀, ọbẹ̀ náà ki, òróró sì léfòó bo gbogbo ojú rẹ̀. Alẹ́ ni wọ́n sè é. Wọ́n gbé e kaná láàárọ̀ ọjọ́ kejì àti lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n tún gbé e kaná láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ti rẹ̀ wọ́n, oorun sì gbé wọn lọ. Wọn ò fọwọ́ kan ìkòkò náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ọmọrí rẹ̀. Kò sí iná lábẹ́ ìkòkò, ó sì ti tutù, àmọ́ ọbẹ̀ ń hó. Kì í ṣe híhó tó ń pariwo o. Ìhó kéékèèké ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gòkè wá kó jọ sábẹ́ òróró, wọ́n ń tì í sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bẹ́. Ìfófó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti yí etí ìkòkò ká. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ imú mọ́ ọn. “Kò rùn,” ni wọ́n wí. “Ó kàn fẹ́ẹ́ kan ni. Iná ló ń fẹ́.”

Wọ́n gbé e kaná. Kò pẹ́ rárá tí ìfófó fi pòórá. Òórùn kíkan náà bá ooru lọ. Wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n ro ó, wọ́n tọ́ ọ wò, inú wọ́n sì dùn pé ó ti bọ̀ sípò. Ọkọ wọn jẹ ẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Kó tó di aago mọ́kànlá, èébì ti gbé ọkùnrin náà dè, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ níwọ̀nba nínú ọbẹ̀ kan náà kò mọ nǹkan kan lára. Ìdí rèé tí ẹjọ́ náà ò fi tán títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìgbà tí iná wọ abẹ́ ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo máa ń padà sí. Ìhó tó ń jáde kí iná tó dé kì í ṣe nǹkan mìíràn ju afẹ́fẹ́ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń tú jáde bí wọ́n ṣe ń jẹ ọbẹ̀ lọ́wọ́. Kíkan tó wà nínú òórùn rẹ̀ náà, iṣẹ́ wọn ni. Afẹ́fẹ́ ò lè dúró nínú ohun tó bá ń hó, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń gbé òórùn náà sì máa ń bá ooru jáde. Nítorí náà, iná pa àwọn tó wà láàyè nínú ọbẹ̀, ó sì tún kó gbogbo àmì tí ènìyàn ì bá fi mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ tó gba ìdájọ́ kó tó dé orí iná ni ẹ̀gbọ́n mi tún tọ́ wò lẹ́yìn iná, wọ́n sì dá a láre.

Àwọn tí omi híhó ò pa

Kí n dáhùn apá kìíní nínú ìbéèrè náà tààrà: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ló ń kú kí ọbẹ̀ tó hó rárá, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan nínú wọn ní ibi ìsádi. Bí nǹkan bá le fún wọn, wọ́n á fún ara wọn pọ̀ sínú èèpo líle kan, wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu, wọn ò ní pọ̀ sí i, bí irúgbìn tó ń sùn nínú ilẹ̀ gbígbẹ títí òjò yóò fi dé. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní hóró. Omi tó ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí tẹmómítà lè má pa hóró náà bó tilẹ̀ hó fún wákàtí kan. Àwọn tó ń di oúnjẹ sínú agolo mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìkòkò onítìpá tó ń gbé ooru dé 121, kí wọ́n tó lè fọkàn balẹ̀ lórí oúnjẹ tí kò kan.

Bakitéríà méjì tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ sábà máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ bá délẹ̀, Basílọ́ọ̀sì séréọ́ọ̀sì àti Kilositirídíọ̀mù pafirínjẹ́nsì, ló ní hóró yìí. Inú erùpẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń bá ẹ̀fọ́, èròjà àti ẹran wọlé. Kò sí ilé ìdáná tí wọn kì í dé, bó ti wù kó mọ́ tó. Ooru tó pa àwọn yòókù ló tún máa ń jí hóró tiwọn. Bí ọbẹ̀ bá ṣe ń tutù bọ̀, wọ́n á já èèpo, wọ́n á bọ́ sínú ìkòkò tí kò ti sí ẹni tí wọ́n jọ ń du oúnjẹ mọ́.

Ibi tí àsètúnsè ti wúlò gan-an rèé. Hóró tó ti já èèpo kì í ṣe hóró mọ́, iná tó ń bọ̀ yóò pa á. Lọ́dún 1877, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Tyndall, fi èyí hàn gbangba nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Omi tí a rẹ koríko gbígbẹ sí ló ń lò. Ó rí i pé bí òun bá tilẹ̀ sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nǹkan ẹlẹ́mìí ṣì ń hù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá fi iná díẹ̀ kàn án, tí òun fi í sílẹ̀, tí òun tún fi iná díẹ̀ kàn án lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, omi náà á mọ́ tónítóní. Ìsinmi tó wà láàrin iná àti iná ló ń mú hóró jáde wá síbi tí iná ti lè tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe nìyẹn láìmọ Tyndall. Àmọ́ nǹkan méjì ya ìkòkò wọn sọ́tọ̀. Tyndall ò ṣí omi tirẹ̀ kó máa bù jẹ, kò sì fi ìgbakọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èkejì ló wọni lákínyẹmí ara jù: ọgbọ́n náà gbà pé gbogbo hóró tó jí ni iná tó kàn yóò bá kí wọ́n tó rí àyè ṣe hóró tuntun. Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, àwọn tó jí á dàgbà, wọ́n á bí sí i, oúnjẹ àti àyè á bẹ̀rẹ̀ sí í há, àwọn kan nínú wọn á sì tún padà sínú èèpo líle. Iná tó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà yóò bá hóró tó pọ̀ ju ti àná lọ. Láti ìgbà yẹn, ìkòkò náà kì í tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wákàtí tó wà láàrin iná méjì

Mo jókòó ṣírò rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ìwé. Ká ní hóró 1,000 ló jí nínú gbogbo lítà 5 náà lẹ́yìn tí ó hó tán. Ká yọ wákàtí 4 àkọ́kọ́ kúrò, torí ọbẹ̀ ṣì gbóná jù fún wọn, àwọn náà sì ń nara lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ká ní wọ́n ń di ìlọ́po méjì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìyẹn ò yára jù, ẹ máa rí i níwájú.

Bí iná bá padà dé ní wákàtí 12, wọ́n ti rí wákàtí 8 lò, ìyẹn ìlọ́po méjì lọ́nà 16. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di 65,536. Tí a bá pín in káàkiri ìkòkò, yóò jẹ́ nǹkan bí 13,000 nínú mìlílítà kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ kò tíì tó iye tí àwọn onímọ̀ máa ń kó ọkàn sókè sí fún irú bakitéríà yìí, èyí tó máa ń wọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sókè. Iná dé, ó gbá gbogbo wọn, ìṣirò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ká wá ní iná náà fi wákàtí 4 péré pẹ́, tó dé ní wákàtí 16. Ìlọ́po méjì lọ́nà 8 sí i ni, ìyẹn ìgbà 256. Iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù 3 nínú mìlílítà kan. Tí iná bá wá fo alẹ́ kan pátápátá, tó di wákàtí 24, a ò ní ìdí láti máa ṣírò mọ́, nítorí ní nǹkan bíi wákàtí 20 ni ìkòkò ti kún débi tí kò sí àyè fún òmíràn. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun tó pa ọbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ nìyẹn. Iná ò fi agbára kankan sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Gbàrà tí ooru bá ti lọ, iṣẹ́ iná ti tán. Wákàtí tí wọn ò jẹ́ kó gùn ló ń ṣọ́ ọ, wọ́n kàn ń fi ìyìn rẹ̀ fún iná. Ìdí sì rèé tí ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ àti ẹni tó ń gbé e kaná lẹ́ẹ̀mejì kò fi sí lójú ọ̀nà kan náà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń sọ pé àwọn “ń gbé e kaná lójoojúmọ́.”

Ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ dákẹ́ nìyí. Wọ́n ní, “Ó dáa, wọ́n kún inú rẹ̀. Ṣebí iná tí mo wá dá láàárọ̀ pa wọ́n?” Ó pa wọ́n lóòótọ́. Kì í ṣe àwọn ló mú ọkọ wọn bì.

Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó, àwọn bakitéríà kan máa ń tú májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé kì í ṣe nǹkan ẹlẹ́mìí, nítorí náà kò ní ẹ̀mí tí iná yóò gbà. Èyí tí Basílọ́ọ̀sì séréọ́ọ̀sì ń ṣe tó ń fa èébì le débi pé ooru 121 fún wákàtí kan ààbọ̀ kò bà á jẹ́. Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì, tó ń gbé lára awọ àti nínú imú wa, kò ní hóró, iná sì ń tètè pa á, ṣùgbọ́n ọwọ́ tàbí ìgbakọ lè tún gbé e padà sínú ọbẹ̀ tó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, májèlé tirẹ̀ náà sì lè la híhó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú já. Àwọn májèlé méjèèjì yìí kì í rùn, wọn kì í yí adùn padà.

Aago ló sábà máa ń tú wọn fó. Májèlé tí ẹnìkan gbé mì ní ṣíṣe tán kì í pẹ́, láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí mẹ́fà ni èébì sábà ń dé. Bó bá jẹ́ bakitéríà alààyè ni ó gbé mì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣe májèlé wọn nínú ìfun, bí Kilositirídíọ̀mù ṣe máa ń ṣe, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni yóò pọ̀ jù, yóò sì sábà pẹ́ tó wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé. Èyí tí ó ṣe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá ti àkọ́kọ́ mu. Ẹni méjì sì lè jẹ ọbẹ̀ kan náà kó má ṣe wọ́n bákan náà, torí ó kù sí ibi tí oníkálukú ti bu tirẹ̀ nínú ìkòkò àti ìwọ̀n tó jẹ.

Nítorí náà, imú kì í ṣe adájọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọbẹ̀ tó ń hó láìsí iná, tó ń fà bí a bá gbé ìgbakọ sókè, tàbí tó ń kan, ti pariwo fún ẹni tó ni ín, ìdájọ́ rẹ̀ sì ti parí kó tó kan iná. Àmọ́ ọbẹ̀ tó fi òru àti ọ̀sán jókòó láìhó, láìrùn, kò tíì dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe kíkan àti òórùn kì í fi dandan jẹ́ àwọn tó ń ṣe májèlé. Ẹni tó ń fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ lé òórùn kúrò, tí kò ka wákàtí, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Mo mọ ìdí tó fi ń ṣòro láti dà á nù. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mi ò lè bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí ìyẹn, ẹran inú ìkòkò ọjọ́ náà ò kéré.

Àárín ìkòkò

Ìṣòro kan ṣì wà tí wákàtí nìkan ò yanjú, pàápàá bí ọbẹ̀ bá ki. Lọ́jọ́ kan mo ti tẹmómítà bọ àárín irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lórí iná. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń hó, òróró ń ta, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò sọ pé ó ti jiná. Láàárín, lábẹ́ ẹran, tẹmómítà ò tíì dé 60. Mo ro ó dénú, híhó náà dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, torí ọbẹ̀ tútù tó wà láàárín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́, omi ń gbẹ, ọbẹ̀ ń ki sí i, jíjóná tó ń jóná nísàlẹ̀ sì ń mú ènìyàn tètè pa iná. Èyí wà lára ohun tó ń mú kí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀: kí a máa ro ó dé ìdí, kí a bu omi díẹ̀ sí i bó bá ki jù, kí gbogbo rẹ̀ sì hó pa pọ̀ lẹ́yìn tí a ti ro ó, fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá.

Lẹ́yìn tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìkòkò ńlá kan náà ló tún di ọ̀tá. Àwọn bakitéríà yìí kì í pọ̀ bí ọbẹ̀ bá gbóná ju 60 lọ, wọ́n sì ń falẹ̀ gan-an bó bá tutù tó 5. Àárín méjèèjì ni pápá wọn. Ní nǹkan bíi 43 sí 45, Kilositirídíọ̀mù pafirínjẹ́nsì lè di ìlọ́po méjì láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo fi ṣírò lókè kò yára jù. Ọbẹ̀ tó jìn, tó ki, tí a dé, tí òróró sì bò lórí, yóò rọra gba ibẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Òróró náà kì í dáàbò bo nǹkan kan, ó ń mú ooru dúró ni, ó sì ń dènà afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ Kilositirídíọ̀mù ò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá.

Ohun tí mo rí pé ó ṣiṣẹ́ jù ni kí ìkòkò ńlá má tilẹ̀ sùn bí ìkòkò ńlá. Ọbẹ̀ tó ki tó jìn ìlọ́po méjì ń gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin àkókò kí àárín rẹ̀ tó tutù. Bí a bá bù ú sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kí jíjìn rẹ̀ má ju ìka mẹ́ta lọ, tí a gbé abọ́ náà sínú omi tútù tí a sì ń ro ó, yóò kúrò nínú ooru tó léwu náà kíákíá. Ìlànà tí àwọn tó ń dáná fún èrò ń tẹ̀ lé ni pé kó ti 60 bọ́ sí 21 láàrin wákàtí méjì, kó sì dé 5 láàrin wákàtí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Fíríìjì nìkan ló lè ṣe apá kejì yẹn fúnni, ọbẹ̀ tó bá sì dé ibẹ̀ lásìkò lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin níbẹ̀.

Ẹni tí kò ní fíríìjì kò ní ju wákàtí 12 lọ láàrin iná àti iná, bó sì ṣe lè mú un kúrú sí i ni kó mú un kúrú. Kó yọ ìgbakọ kúrò nínú ìkòkò lẹ́yìn tó bá bù tán, kó má da ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ ìjẹun padà sí i, kó má sì fi ẹran tuntun kún ti àtijọ́. Kó sì sè é kéré, kó lè tán ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo ìkòkò tó kéré báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bá mi jiyàn pé ata àti iyọ̀ tó pọ̀ nínú ọbẹ̀ àwọn tó láti dá kòkòrò dúró. Iyọ̀ tó ń dùn lẹ́nu nínú ọbẹ̀ kì í ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Basílọ́ọ̀sì séréọ́ọ̀sì lè hù nínú iyọ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn, Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì lè hù nínú èyí tó tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ bá tó láti dá àwọn méjèèjì dúró, kò sẹ́ni tó máa lè gbé e mì.